Àga Alhaja àti Fáníìṣì Inú Dúrọ́ọ̀mù

Ẹ̀yin káfíńtà, ẹ̀yin tí ẹ ń kun fáníìṣì, àti ẹ̀yin tí ẹ ti gbé àga tuntun wọlé tí aṣọ yín sì lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí. Ìtàn ni n ó fi sọ ọ́, nítorí bí èèyàn bá kàn ń to ìmọ̀ràn sílẹ̀ lórí rédíò, oorun ni í kun àwọn tó ń gbọ́.

Káfíńtà kan wà ní Ìbàdàn tí iṣẹ́ rẹ̀ pójú owó. Alhaja kan ní kó fi igi ọ̀gànwó ṣe àga mẹ́fà àti tábìlì ìjẹun kan fún òun. Oṣù keje ni, òjò kò sì dá. Alhaja ti dúnàá dúrà títí owó fi wálẹ̀, káfíńtà náà bá wá ibi tí òun náà yóò ti dín ìnáwó kù. Dípò fáníìṣì inú agolo tó sábà máa ń rà, ó lọ ra èyí tí wọ́n ń bù láti inú dúrọ́ọ̀mù sínú kẹ́ẹ̀gì, tí owó rẹ̀ kò ju ìdajì ti agolo lọ. Kì í sì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ó ti lò ó rí nígbà ọyẹ́, ó sì gbẹ dáadáa, kò sí oníbàárà tó ráhùn.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n kun àga tán, wọ́n fi bébà ìròyìn àtijọ́ wé e kí ó má baà ha lójú ọ̀nà, wọ́n sì gbé e lọ. Ìgbà tí Alhaja máa ṣí bébà náà, lẹ́tà inú ìwé ìròyìn ti tẹ̀ sára ẹ̀yìn àga, orí lódì. Èèyàn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ ka ìròyìn bọ́ọ̀lù lára rẹ̀ bó bá mú dígí dání. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí àlejò wá, léèsì obìnrin kan lẹ̀ mọ́ ìjókòó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya.

"Ọ̀gá káfíńtà," Alhaja ló ń pè lórí fóònù yẹn, "ṣé àtè lẹ fi kun àga mi ni?"

"Ẹ má bínú, Alhaja. Òjò ló fà á. Ẹ jẹ́ kí oòrùn ràn sí i díẹ̀."

Òjò ló fà á. Gbogbo wa la máa ń sọ bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń tẹ́ wa lọ́rùn. Àmọ́ nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan kọjá tí àga ṣì ń mú ọwọ́, káfíńtà náà kó wọn padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe: ó kun fáníìṣì mìíràn lé e lórí. Ìyẹn ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Òkè dán, ṣùgbọ́n bí o bá fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ á jìn wọlé bíńtín, kò sì ní í padà.

Ohun tó là á lójú ni pé káfíńtà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kun bẹ́ẹ̀dì kan lọ́sẹ̀ kan náà, nínú òjò kan náà, bẹ́ẹ̀dì náà sì gbẹ. Bó bá jẹ́ òjò nìkan ni, àwọn méjèèjì ni ì bá jọ rí i. Ó wá mú gíláàsì lúfà mẹ́ta tó ti kán, ó fọ̀ wọ́n, ó nù wọ́n gbẹ. Ó kun fáníìṣì agolo sí ọ̀kan, ó kun ti dúrọ́ọ̀mù sí méjì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló kùn wọ́n. Ti agolo àti ọ̀kan nínú ti dúrọ́ọ̀mù wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé ọ̀kan tó kù lọ sí ilé búrẹ́dì tó wà lẹ́yìnkùlé, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kó wà lórí pẹpẹ kan nínú yàrá tí wọ́n ń kó igi sí, níbi tí ooru ààrò ti máa ń mú kí afẹ́fẹ́ gbẹ.

Ìdí tó fi lo gíláàsì nìyí: gíláàsì kì í fa nǹkan mu, kò ní omi nínú, kò ní oje. Bí fáníìṣì bá kọ̀ láti gbẹ lórí rẹ̀, a kò lè dá igi lẹ́bi mọ́. Ọ̀rọ̀ ìrókò sì wà níbẹ̀ o. Oje kan wà nínú ìrókò tí kì í jẹ́ kí epo inú fáníìṣì gbẹ bó ṣe yẹ, kódà kí fáníìṣì náà jẹ́ ojúlówó. Bó bá gbẹ lórí gíláàsì tí kò gbẹ lórí ìrókò, oje igi lẹ ń bá jà. Ṣùgbọ́n ọ̀gànwó ni ti Alhaja.

Ilẹ̀ mọ́, ó fọwọ́ kàn wọ́n. Ti agolo ti gbẹ. Ti dúrọ́ọ̀mù tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ṣì ń lẹ̀ mọ́ ìka. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, èyí tó wà nílé búrẹ́dì gbẹ, ìkejì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kò gbẹ. Fáníìṣì kan náà ni, láti inú kẹ́ẹ̀gì kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó rí yẹn, torí ibẹ̀ ni kókó wà. Ọ̀pọ̀ wa rò pé bí òórùn fáníìṣì bá ti lọ, ó ti gbẹ nìyẹn. Rárá. Ìpele méjì ni fáníìṣì elépo fi ń gbẹ. Lákọ̀ọ́kọ́, tápẹ́ńtáìnì inú rẹ̀ á fẹ́ lọ, ìyẹn ni òórùn tí à ń gbọ́. Ohun tó kù lára igi nígbà náà ṣì jẹ́ epo, irú bí epo sóyà tí wọ́n ti sè pọ̀ mọ́ àwọn èròjà mìíràn. Lẹ́yìn náà ni epo yìí á máa gba ọ́síjìn láti inú afẹ́fẹ́, á sì máa fi so ara rẹ̀ pọ̀ títí yóò fi le. Bí kò bá rí olùrànlọ́wọ́, ó lè gbà á ní ọjọ́ púpọ̀, kódà ọ̀sẹ̀. Nítorí náà ni iléeṣẹ́ ṣe máa ń fi èròjà kan sí i tí wọ́n ń pè ní dráyà. Mẹ́táàlì kan tó ń jẹ́ kóbáltì ni gbajúgbajà nínú wọn, ìwọ̀n tí wọ́n sì ń fi sí i kéré gan-an, kì í sábà tó gíráàmù kan nínú kílò epo kan. Díẹ̀ yẹn náà, owó ni.

Afẹ́fẹ́ ìgbà òjò kún fún omi. Omi yìí máa ń rọ̀ mọ́ kóbáltì náà, agbára rẹ̀ á sì dín kù. Iléeṣẹ́ tó mọṣẹ́ mọ èyí, wọ́n á fi kóbáltì tó tó, wọ́n á sì fi mẹ́táàlì mìíràn bíi kálíṣíọ́ọ̀mù ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó fẹ́ tà ní owó pọ́ọ́kú á dín in kù dé ibi tí yóò ṣì máa gbẹ nínú ọyẹ́, nítorí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ, kò sí omi tó máa dí dráyà lọ́wọ́. Nígbà tí òjò bá wá dé, díẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò ní í tó mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àga Alhaja nìyẹn. Òjò kò purọ́ mọ́ fáníìṣì náà, ó kàn tú u fó ni.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán síbẹ̀. Káfíńtà náà bi ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kí ló fi la fáníìṣì tó kùn sí àga náà.

"Ọ̀gá, tápẹ́ńtáìnì ti tán. Kẹrosíìnì ni mo fi là á."

Ọ̀gá náà wá tápẹ́ńtáìnì díẹ̀, ó kán an sórí bébà kan, ó kán kẹrosíìnì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ti tápẹ́ńtáìnì fi parẹ́. Nígbà tí wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, àmì kẹrosíìnì ṣì wà lára bébà, ó ń dán bí wọ́n bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹrosíìnì ṣe ń jókòó sínú fáníìṣì, tí kì í jẹ́ kó le. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kẹrosíìnì là á.

Káfíńtà náà tún gbogbo àga náà ṣe. Kò fi sánpépà bẹ̀rẹ̀, torí fáníìṣì tó ń lẹ̀ á dí sánpépà lójú ẹsẹ̀. Ó fi irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ha igi ha á, ó fi àkísà tó rin sínú tínà nu èyí tó kù títí igi fi hàn, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí igi náà gbẹ, lẹ́yìn náà ló tó fi sánpépà. Ó ra agolo. Ìkùn àkọ́kọ́, ó fi tápẹ́ńtáìnì là á díẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ó kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nítorí bó bá nípọn, òkè á tètè dì, kò sì ní í jẹ́ kí ọ́síjìn dé ìsàlẹ̀. Láàárín ìkùn kan sí èkejì, ó dúró fún odindi ọjọ́ méjì. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ló ń kùn ún, torí bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú tí ara igi ń tutù, omi inú afẹ́fẹ́ á máa dì sí i lára. Ó ṣí fèrèsé sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa rìn, ṣùgbọ́n kò kọ fáànù sí àga lójú, kí eruku má baà lẹ̀ mọ́ ọn.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí kò kúkú ra dráyà kí ó bù ú sínú ti dúrọ́ọ̀mù. Èmi kò gbà yín nímọ̀ràn yẹn. Bó bá pọ̀ jù, òkè á dì wàrà, á sì hunjọ, ìsàlẹ̀ á sì wà ní rírọ̀. Ẹ má sì kó àga tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ààrò búrẹ́dì o. Gíláàsì kékeré kan ni tirẹ̀. Èéfín fáníìṣì àti tínà máa ń gbaná. Àkísà tí ẹ fi nu fáníìṣì pẹ̀lú, ẹ má ká a jọ sí kọ̀rọ̀, torí epo inú rẹ̀ lè móoru títí yóò fi gbaná fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níta kó gbẹ, tàbí kí ẹ rì í sínú omi.

Alhaja gba àga rẹ̀, ó sì san owó tó kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi bébà ìròyìn tuntun tẹ̀ ẹ́ wò.

Nítorí náà, ẹ̀yin káfíńtà wa, kẹ́ẹ̀gì tàbí agolo yòówù kí ẹ rà ní ìgbà òjò yìí, ẹ kun díẹ̀ sórí gíláàsì ní ṣọ́ọ̀bù yín lálẹ́. Bí ó bá ṣì ń mú ọwọ́ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ má fi kan àga oníbàárà; ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á fún yín, kí ẹ sì mú gíláàsì náà dání lọ.