Ààbò fún Kọntiróólà Ẹ̀rọ Ìsàba Níbi tí Iná Kò ti Dúró Sójú Kan



Ẹ̀rọ ìsàba ẹyin ni n ó fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ mi lónìí. Ọjọ́ 21 ni ẹyin adìyẹ ń lò nínú rẹ̀, ooru ibẹ̀ kò sì gbọdọ̀ jìnnà sí 37.5 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Kọntiróólà kékeré kan tí iná tó ń jẹ kò tó wáàtì 10 ló ń ṣọ́ ooru náà. Nígbà tí ooru bá lọ sílẹ̀, á fún kọ̀ntákítọ̀ ní iná, kọ̀ntákítọ̀ á sì tan hítà tó ń jẹ wáàtì 1,000. Bí iná ìjọba bá ṣe wàhálà, hítà kì í sábà kú. Kọntiróólà ló ń kú, ẹyin á sì bà jẹ́.

Àwọn ènìyàn á ní iná pọ̀jù ló jó o. Wọ́n á lọ ra sítébíláísà, ọkàn wọn á sì balẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ìyẹn. Iná tó ń rọra gòkè tó ń rọra sọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó fò wọlé kí ojú tó ṣẹ́, ohun tó ń gbani lọ́wọ́ ọ̀kan kò sì lè gbani lọ́wọ́ èkejì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò bá tan iná, tí fóltì 230 já sí 150. Wáàtì 1,000 tí hítà ń jẹ á dín kù sí nǹkan bíi 425. Ìyẹn kò burú, kọntiróólà á kàn jẹ́ kó pẹ́ lórí iná ni. Nítorí náà, kò sídìí láti ra sítébíláísà ńlá nítorí hítà. Kọ̀ntákítọ̀ lẹ ó ṣọ́. Ní fóltì 150, agbára rẹ̀ lè má tó láti dì mú, yóò máa gbọ̀n, yóò máa dún, ojú irin rẹ̀ á máa jó títí tí méjèèjì á fi lẹ̀ mọ́ra. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá lẹ̀, hítà kò ní kú mọ́, ẹyin á sì sè. Sítébíláísà kékeré tó lè gbé kọntiróólà, wáyà kọ́ìlì kọ̀ntákítọ̀ àti fáànù ti tó. Kí hítà gba iná tirẹ̀ tààrà.

Ṣùgbọ́n sítébíláísà fúnra rẹ̀ ní ewu kan tí wọn kì í sọ fún ẹni tó ń rà á. Kí 150 tó lè di 230, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di nǹkan bíi ìlọ́po 1.53. Bí ẹrù bá ṣàdédé kúrò lórí tiransifọ́mà àdúgbò, tí iná fò láti 150 sí 240, sítébíláísà á ṣì máa ṣe ìlọ́po yẹn títí riléè inú rẹ̀ yóò fi yípadà. Láàárín àkókò kúkúrú yẹn, nǹkan bíi fóltì 368 ló ń jáde lọ bá kọntiróólà. Bọ́tìnnì ìdádúró tó wà lójú sítébíláísà kò ràn án lọ́wọ́, torí pé ìgbà tí iná bá lọ tó sì padà dé nìyẹn ń ṣiṣẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, iná kò lọ.

Ibí yìí ni yíyan fárísítọ̀ ti gba ọgbọ́n. Fárísítọ̀ kì í gba iná kọjá títí fóltéèjì á fi ga ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Nígbà náà ló máa ṣílẹ̀kùn fún un. Bí ẹ bá rí 14D471K lára rẹ̀, 14 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà, 471 sì ni 47 tí a fi òdo kan tì lẹ́yìn, ìyẹn fóltì 470 tó ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ó lè jókòó lórí iná ilé tó tó 300 láìsí wàhálà. Èyí dára níwájú sítébíláísà. Ẹ má fi sí ẹ̀yìn rẹ̀, torí pé 368 yẹn yóò máa gbóná an léraléra, yóò sì pa á. 14D621K tó lè fara da 385 ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀.

Iṣẹ́ fárísítọ̀ kò ju ohun tó ń kọjá kí ojú tó ṣẹ́ lọ: àrá tó sán nítòsí, tàbí ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Bí wáyà níútírà bá já lórí òpó, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Fóltì 400 tó wà láàárín fésì méjì ni ilé tiyín àti ilé ẹlòmíràn á máa pín, tiyín sì lè ju 300 lọ fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú. Fárísítọ̀ á gbóná, á là, ó sì lè dáná sun àpótí. Ìdí nìyẹn tí fíúsì fi gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀ lórí wáyà láífù, kí riléè tó ń wo fóltéèjì sì wà níwájú gbogbo wọn, tí yóò gé iná bó bá kọjá 260. Fíúsì tó ń já léraléra tàbí fárísítọ̀ tó dúdú tó là jẹ́ àmì pé fárísítọ̀ náà ti ṣiṣẹ́ tán. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe fi wáyà dí ojú fíúsì.

Ó wá ku wáyà ilẹ̀, níbi tí mo ti rí àṣìṣe jù. Nínú ilẹ̀ tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ 100 óòmù-mítà, ọ̀pá tó gùn tó mítà 1.2 ń ní ìdènà tó tó 75 óòmù. Èyí tó gùn tó mítà 2.4 ń ní nǹkan bíi 42. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, á tún pọ̀ sí i. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà síbẹ̀ máa ń dín in kù, ṣùgbọ́n ó ń jẹ irin. Ó sàn kí ẹ rì í jìn.

Bó ti wù kí ọ̀pá dára tó, bí áḿpíà 1,000 láti ara àrá bá gba inú óòmù 42 kọjá, fóltì 42,000 ló máa wà lórí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ tí àrá fi sán. Kò sí ọ̀pá tó lè mú un di òfo. Ohun tó ń dáàbò bo kọntiróólà ni pé kí gbogbo nǹkan tó kàn án gòkè papọ̀, bí ẹrù inú ọkọ̀ ojú omi ṣe ń gòkè nígbà tí odò bá kún. Ẹ so ara irin ẹ̀rọ, wáyà ilẹ̀ sítébíláísà, ti fárísítọ̀ àti ti jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọ̀pá bàbà kan ṣoṣo nínú ilé, kí èyí wá lọ sínú ilẹ̀. Bí ìbòrí wáyà tó ń wọn ooru bá lọ kan ọ̀pá ilẹ̀ mìíràn lẹ́yìn ilé, inú kọntiróólà ni ìyàtọ̀ àárín ọ̀pá méjèèjì yóò gbà kọjá.

Wáyà fárísítọ̀ pẹ̀lú gbọ́dọ̀ kúrú. Bí áḿpíà 1,000 bá gòkè láàárín mẹ́jọ nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá, mítà kọ̀ọ̀kan wáyà yóò fi nǹkan bíi fóltì 125 kún ohun tí kọntiróólà ń rí. Wáyà tó nípọn kò fi bẹ́ẹ̀ dín in kù. Wáyà kúkúrú ló ń dín in kù.

Gbogbo èyí kò lè dúró de àrá tó bá sán lu òpó tiyín gan-an. Bí òjò bá ṣú, ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná ìjọba, kí ẹ fi jẹnẹrétọ̀ tàbí bátìrì gbé e. Bí owó kò bá sì tó ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kọ́kọ́ ra riléè, fíúsì àti fárísítọ̀, kí ẹ so wáyà ilẹ̀ sójú kan, kí ẹ tó ra sítébíláísà.