Richard Parker Nínú Òṣùwọ̀n Ire Tó Pọ̀ Jù Lọ

Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 1884, ọkọ̀ kékeré kan tó ń jẹ́ Mignonette gbéra ní Southampton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó forí lé Sydney ní Ọsirélíà, níbi tí ẹni tó rà á ti ń retí rẹ̀. Èèyàn mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: Tom Dudley tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀, Edwin Stephens, Edmund Brooks, àti Richard Parker, ọmọ ọdún 17 tí kò ní bàbá, tí kò ní ìyá mọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje, ìgbì òkun fọ́ ọkọ̀ náà, ó sì rì. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́ sínú ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan tí kò ní ìbòrí. Ìpẹ̀kun gúúsù Áfíríkà jìnnà sí wọn tó 1,600 máìlì. Wọn kò ní omi mímu, agolo tọ́níìpù méjì sì ni gbogbo oúnjẹ wọn.

Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n rí ìjàpá inú òkun kan mú. Ó tán ní ọjọ́ kejìlá, wọn kò sì rí nǹkan kan jẹ mọ́. Omi òjò tí wọ́n fi aṣọ gbè kò tó wọn. Parker mu omi òkun, ó ṣàìsàn, ó dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Dudley ní kí wọ́n ṣẹ́ gègé láti mọ ẹni tí yóò kú, ṣùgbọ́n Brooks kọ̀. Dudley àti Stephens wá bá ara wọn sọ ọ́ pé àwọn ní aya, àwọn ní ọmọ nílé. Ní ọjọ́ ogún, Dudley gbàdúrà, ó sì fi ọ̀bẹ pa ọmọ náà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jẹ ẹ́, Brooks pàápàá jẹ níbẹ̀. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà ni Moctezuma, ọkọ̀ àwọn ará Jámánì, rí wọn, ó sì gbé wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọdún kìíní nínú ìmọ̀ fìlọ́sọ́fì yóò gbọ́ ìtàn yìí láìpẹ́, nígbà tí olùkọ́ bá dé orí yutilitérianísíìmù, ẹ̀kọ́ ire tó pọ̀ jù lọ. Jeremy Bentham ló fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ nínú ìwé kan tó jáde lọ́dún 1789. Ohun tó sọ ni pé ìwà tó tọ́ ni èyí tó bá mú ayọ̀ tó pọ̀ jù àti ìrora tó kéré jù wá fún gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ẹnì kan ni a ń ka ọba sí, ẹnì kan náà ni a ń ka ọmọ òrukàn sí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á wá sáré dáhùn pé: ẹ̀mí mẹ́ta ju ẹ̀mí kan lọ, nítorí náà Bentham yóò gbè sẹ́yìn Dudley.

Ìdáhùn yẹn yá jù. Bentham kò ní ká ka orí èèyàn nìkan. Lára ohun tó ní ká wọ̀n ni bí ire náà ṣe dájú tó, ohun tí yóò bí lẹ́yìn ọ̀la, àti iye èèyàn tí yóò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ jẹ́ ká mú bó ṣe dájú tó ṣáájú. Nígbà tí Dudley mú ọ̀bẹ, kò sí ọkọ̀ kankan lójú òkun. Ikú Parker dájú, ṣùgbọ́n ìgbàlà àwọn yòókù kò dájú rárá.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò tí èmi fúnra mi gbé kalẹ̀, kì í ṣe ti ilé ẹjọ́. Ẹ ka ọkọ̀ pẹlẹbẹ mẹ́wàá bẹ́ẹ̀ sójú òkun, kí a gbà pé bí wọ́n bá pa ọmọ náà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìgbàlà yóò bá àwọn mẹ́ta láàyè nínú ọkọ̀ mẹ́rin. Èèyàn 12 ló yè. Wàyí o, bí wọ́n bá dúró, tí wọn kò pa ẹnikẹ́ni, tó jẹ́ pé ẹni tó bá fúnra rẹ̀ kú ni wọ́n máa jẹ ńkọ́? Kí a ní àwọn àgbà mẹ́ta yè nínú ọkọ̀ mẹ́ta, kí ọmọ náà sì yè nínú ẹyọ kan. Mẹ́sàn-án àti ọ̀kan, mẹ́wàá. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní mẹ́ta sí òdo, ó ti di 12 sí mẹ́wàá. Bí agbára Parker bá sì tó ti àwọn yòókù, tí òun náà yè nínú ọkọ̀ mẹ́ta, 12 sí 12 ni. Ibi tí ìṣirò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń yẹ̀ nìyẹn: wọ́n ń fi pípa wé kí gbogbo wọn kú, wọ́n gbàgbé pé dídúró wà láàárín.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn tí kò sí nínú ọkọ̀ náà. John Stuart Mill, tó jogún ẹ̀kọ́ Bentham, tó sì kọ ìwé tirẹ̀ lórí rẹ̀ lọ́dún 1861, sọ pé atukọ̀ kì í jókòó sáàárín òkun kó máa ṣírò ìrìn oòrùn àti ìràwọ̀. Ìwé tí wọ́n ti ṣírò rẹ̀ sí ló ń gbé dání láti ilé. Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin bíi “má pànìyàn”: ìṣirò ọ̀pọ̀ ìran ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ebi ti pa fún ọjọ́ mẹ́jọ kò tún lè ṣe òmíràn. Ẹ wo bí ìwọ̀n Dudley ṣe rí: ó ka aya tirẹ̀, ó ka ọmọ tirẹ̀, ó wá rí i pé ẹni tí kò ní alágbàwí ló fúyẹ́ jù. Bí òfin bá fọwọ́ sí i, ọmọ wo ni yóò tún fojú kan oorun nínú ọkọ̀ tí oúnjẹ rẹ̀ ń tán lọ? Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ó sì dùn mí pé àgbà mẹ́ta ló wà nínú ọkọ̀ yẹn.

Dudley kò fi nǹkan kan pa mọ́ nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Falmouth. Ó gbà pé àṣà àwọn atukọ̀ yóò gba òun. Àánú wọn ṣe ará ìlú, ṣùgbọ́n ìjọba gbé òun àti Stephens lọ sílé ẹjọ́, Brooks sì jẹ́rìí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1884, Olúwa Coleridge, tó ṣáájú àwọn adájọ́ márùn-ún, béèrè ta ni yóò wọn iye ẹ̀mí kan sí òmíràn, ó sì dá wọn lẹ́bi ìpànìyàn. Ikú ni ìdájọ́ wọn. Ìjọba sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Coleridge kọ òṣùwọ̀n náà sílẹ̀, síbẹ̀ ìparí ẹjọ́ yìí bá ọ̀rọ̀ Bentham mu: ó ti kọ ọ́ pé ibi ni ìyà fúnra rẹ̀, kò sì yẹ ká fi jẹ ẹnikẹ́ni àyàfi bí yóò bá dènà ibi tó jù ú lọ. Ìdájọ́ ikú ti gbé òfin dúró. Pípa ọkùnrin méjì náà kò ní fi ire kankan kún un.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé ẹ̀kọ́ yìí ti bọ́ nínú wàhálà nìyẹn. Ẹ yí ìtàn náà padà. Kí a ní ó dájú pé ọkọ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ kẹrin, pé kò sí ẹni tí yóò yè bí wọn kò bá pa ọmọ náà, pé ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ láéláé. Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ ti lọ, mẹ́ta sí òdo ló kù, ẹni tó bá di ẹ̀kọ́ Bentham mú ṣinṣin kò sì lè sọ pé kí wọ́n má pa á. John Rawls, nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1971, tọ́ka sí ohun tó ń dun èmi náà: ẹ̀kọ́ yìí ń ro èrè ẹnì kan pọ̀ mọ́ àdánù ẹlòmíràn bí ẹni pé ara kan ṣoṣo ni gbogbo wa ní. Ẹ̀mí tí Dudley rí gbà kò wọ ara Parker. Ilé ẹjọ́ fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé bó bá tilẹ̀ di dandan kí ẹnì kan kú nínú ọkọ̀ yẹn, kò sí ìdí tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ náà ju ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ.