Ẹni Tó Kéré Jù Ni Kó Jókòó Sẹ́nu Ọ̀nà



Ká sọ pé máàkì ìdánwò ọmọ 1,000,000 ń wọ inú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ sì wà fún àwọn 100 tó mókè jù. Ọ̀pọ̀ wa yóò ní ká kó gbogbo rẹ̀ jọ, ká tò ó, ká wá ka 100 àkọ́kọ́. Ó tọ̀nà, ṣùgbọ́n a ó tọ́jú 1,000,000 nítorí 100.

Ní 1964, J. W. J. Williams gbé ètò kan jáde tí a lè pè ní òkìtì. Òbí kọ̀ọ̀kan ní ọmọ méjì, ó pọ̀ jù, lábẹ́ rẹ̀. Nínú irú tí a fẹ́ lò, òbí kò gbọdọ̀ ju ọmọ lọ. Nítorí náà, máàkì tó kéré jù ló máa ń wà lókè. Ìdí rẹ̀ ni pé òun ni àlejò gbọ́dọ̀ borí kó tó wọlé.

Ẹ jẹ́ ká fi àyè 5 dán an wò. 240 wà lókè. Ọmọ rẹ̀ ni 262 àti 305. Ọmọ 262 ni 281 àti 298. Bí 233 bá dé, kò ju 240 lọ, ó ti kọjá lọ nìyẹn. Bí 290 bá dé, 240 yóò jáde, 290 yóò gba àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n 262 kéré sí i, wọ́n á pààrọ̀ àyè. Lẹ́yìn náà, 281 náà kéré sí i, wọ́n tún pààrọ̀. 262 ló wá wà lókè báyìí.

Òkìtì 100 kò ju ipele 7 lọ, nítorí ipele kọ̀ọ̀kan lè gba ìlọ́po méjì èyí tó wà lókè rẹ̀. Àlejò kò lè sọ̀ kalẹ̀ ju ìgbà 6 lọ. Bí iye tó ń wọlé bá jẹ́ n, tí àyè jẹ́ k, iṣẹ́ náà kò ju `O(n log k)` lọ, ohun tí a ń tọ́jú kò sì ju k lọ. Bí máàkì bá ń wọlé láìtò rárá, nǹkan bí 920 péré ni yóò rọ́pò ẹlòmíràn lẹ́yìn 100 àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá ń wọlé láti kékeré sí ńlá ni iṣẹ́ máa ń pọ̀ jù, torí gbogbo wọn ni yóò wọlé.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni fífi ẹni tó ga jù sókè. Nígbà náà, ẹni tó yege jù là ń lé jáde, àwọn tó kù nílẹ̀ á sì jẹ́ àwọn tó gba máàkì kékeré.

Ẹ tún kíyè sí i: ẹni tí òkìtì bá ti lé jáde kò sí nínú ìwé mọ́. Bí a bá wá fagi lé èsì ẹnì kan nínú 100, a ò ní mọ ẹni 101 tí ẹ̀tọ́ náà kàn. Ẹ jẹ́ kí àyè jẹ́ 120 láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ọmọ ọlọ́mọ má bàa pàdánù.