Ìgbàgbé Tí Oògùn Fà

Nọ́ọ̀sì ni mí, ìtàn kúkúrú ni mo mú wá.

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì wà ládùúgbò wa ní Jọ́ọ̀sì níbí, ẹni ọdún 73. Láàárín oṣù méjì, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn ọmọ ní ogbó ti dé.

Mo ní kí wọ́n kó gbogbo oògùn Bàbá wá. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Tuntun ibẹ̀ ni kilọfẹnírámínì, hóró kékeré oní-mílígíráàmù 4, tí wọ́n ń rà ní kẹ́míìsì nítorí ara yíyún. Mẹ́ta ni wọ́n ń lò lójúmọ́.

Mo ní, “Bàbá, ṣé ẹnu yín ń gbẹ?”

“Ó ń gbẹ, ìgbẹ́ náà sì le.”

Ohun tó tú àṣírí nìyẹn. Oògùn yìí ń dènà asetaikolínì, èròjà tí ọpọlọ fi ń rántí nǹkan. Èròjà yìí kan náà ló ń mú itọ́ sun, tó sì ń mú ìfun ṣiṣẹ́. Ara àgbà kì í sì tètè lé oògùn náà jáde.

Dókítà fi lòrátádínì rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, iyè Bàbá ti sọ padà.

Kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé ni oògùn ń fà. Ṣùgbọ́n bó bá tẹ̀lé oògùn tuntun, ẹ kó gbogbo oògùn yín lọ han dókítà. Ẹ má ṣe dá ti ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fúnra yín.