Aṣọ Ẹbí Nínú Fọ́tò: Kí Aṣọ Bára Mu, Kí Ojú Má Yí Padà

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n sọ lónìí kò le. Fọ́tò ẹbí kan wà lọ́wọ́ yín, bóyá òun ló kẹ́yìn tí gbogbo yín jọ yà pẹ̀lú Màmá, àmọ́ olúkúlùkù ló wọ tirẹ̀. Ẹ wá fẹ́ fi ṣe kàlẹ́ńdà, ẹ sì fẹ́ kí gbogbo wọn wọ ankara tí ẹ yàn ní Balógun. Ó ṣeé ṣe. Ojú ni wàhálà ibẹ̀.

Àwọn áàpù kan wà tí ẹ kàn máa sọ fún pé kó wọ ankara fún wọn, kíá, ó ti ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ojú Màmá dáadáa. Irú áàpù bẹ́ẹ̀ sábà máa ń tún gbogbo fọ́tò yà ni, kì í ṣe aṣọ nìkan. Ilà àbàjà á ti di fẹ́ẹ́rẹ́, èjí á ti pàdé. Ó jọ Màmá, àmọ́ kì í ṣe Màmá. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n ti lọ, níbo la ti fẹ́ rí wọn yà mọ́?

Èyí tí mo fẹ́ fi hàn yín kì í fọwọ́ kan ojú rárá. GIMP ni mo ń lò, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tẹ́ aṣọ sílẹ̀ gbalaja níbòji lọ́sàn-án, ẹ yà á láti òkè gan-an. Nínú GIMP, ẹ lo Filters > Map > Tile Seamless kí etí rẹ̀ lè so mọ́ra, lẹ́yìn náà Edit > Copy. Ẹ ṣí fọ́tò ẹbí, ẹ ṣe Layer > Duplicate Layer, kí ojúlówó wà nísàlẹ̀. Lórí èyí tí ẹ ṣẹ̀dà, ẹ fi Free Select tọ etí aṣọ ẹnì kan ṣoṣo, ẹ yọ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti ọwọ́ kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi Colors > Desaturate pa àwọ̀ aṣọ àtijọ́ rẹ́. Ẹ wá ṣí Layer tuntun, ẹ da ankara sí i, ẹ fi Mode sí Multiply, kí ẹ sì fún un ní Layer Mask láti inú Selection. Ìbòrí yìí ló ń sọ fún ankara pé ibi báyìí ni kó mọ, kò gbọ́dọ̀ dé àgbọ̀n.

Kí ni Multiply ń ṣe? Ó ń fi ìmọ́lẹ̀ aṣọ àtijọ́ sọ ìmọ́lẹ̀ ankara di púpọ̀, tí a bá ka funfun sí 1, tí a ka dúdú sí 0. Ibi tó ti funfun, ankara á yọ bó ṣe wà. Ibi ìṣẹ́po tó jẹ́ 0.5, àwọ̀ ankara tó jẹ́ 0.8 á di 0.4, òjìji á sì dúró síbi tó wà. Ìdí nìyẹn tí aṣọ funfun fi rọrùn jù. (Àwa tí à ń rí Ẹ̀yọ̀ láti kékeré mọ̀ pé funfun kì í fi ìṣẹ́po pamọ́.) Kóòtù dúdú ńkọ́? Gbogbo rẹ̀ á di èédú. Ẹ lè fi Levels tan ìmọ́lẹ̀ sí i, àmọ́ bó bá dúdú jù, ẹ̀tẹ́ẹ̀tẹ́ ló máa yọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bàjẹ́ ni kí wọ́n da ankara kan ṣoṣo sórí gbogbo ènìyàn. Òdòdó á bẹ̀rẹ̀ léjìká Àǹtí, á parí láyà Bọ̀dá, bíi kọ́tìnnì ojú fèrèsé. Ẹ fún olúkúlùkù ní Layer tirẹ̀, apá aṣọ náà lọ́tọ̀. Bí èjìká Màmá tó jókòó níwájú bá jẹ́ 400 píkísẹ̀lì, tí ti àbúrò wọn tó dúró lẹ́yìn jẹ́ 300, tí ìbú èjìká wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ẹ dín ankara ti ẹ̀yìn kù sí 75% kí ẹ tó dà á. Ẹ yí i díẹ̀ pẹ̀lú, torí télọ̀ kò gé aṣọ ènìyàn méjì ní ojú kan náà rí. Warp Transform ló máa fà á tẹ̀lé ìṣẹ́po àti ikùn.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ojú kò yí? Ẹ fi iṣẹ́ tó parí pamọ́ bíi PNG. JPEG máa ń da ẹ̀tẹ́ẹ̀tẹ́ kékeré sí gbogbo ibi. Ẹ ṣí ojúlówó fọ́tò, ẹ lo File > Open as Layers láti gbé ti tuntun lé e, ẹ sì yí Mode sí Difference. Ibi tí méjèèjì bá ti rí bákan náà á dúdú kirikiri. Aṣọ nìkan ló gbọ́dọ̀ tàn. Bí ẹ bá rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán lábẹ́ àgbọ̀n, ìbòrí ti gòkè jù. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì dúdú kun Layer Mask níbẹ̀, kí ẹ sì fún Layer tí ẹ ṣẹ̀dà náà ní Layer Mask funfun, ẹ kun ibẹ̀ ní dúdú pẹ̀lú kí ojúlówó ìsàlẹ̀ lè yọ, á padà.

Bí ẹ bá fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí ẹni tó máa tẹ kàlẹ́ńdà lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi Document. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, WhatsApp á fún un pọ̀, ojú tí ẹ ti ń ṣọ́ láti àárọ̀ á wá rí bàìbàì.