Alábòójútó Ti Já Pa, Kọ́kọ́rọ́ Wà Lọ́wọ́ Ẹ̀: Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Àpótí Íméèlì Ẹgbẹ́ Yín Padà

Bí ẹ bá wà nínú ẹgbẹ́ kékeré, ilé ẹ̀kọ́ kékeré tàbí okòwò tí èèyàn márùn-ún péré ń ṣe, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tòní. Ọ̀rọ̀ àpótí íméèlì tí gbogbo yín jọ ń lò ni, irú èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú info@, tí ẹnì kan ṣoṣo tó mọ bí wọ́n ṣe tò ó sì ti bá ẹsẹ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyẹn: mo máa ń bá àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tún kọ̀ǹpútà àti íméèlì wọn ṣe. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹgbẹ́ kan n'Íbàdàn ṣàlàyé, mi ò ní dárúkọ wọn. Èèyàn méje ni wọ́n, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ lẹ́yìn iléèwé. Dòméènì tiwọn ni wọ́n ń lò, tó parí sí .org.ng, orí Google Workspace sì ni íméèlì wọn wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó tò ó fún wọn ti lọ sí Kánádà, inú ẹ̀ ò sì dùn sí wọn torí owó oṣù tí wọ́n jẹ ẹ́. Àwọn tó ń fún wọn lówó ìrànwọ́ fẹ́ gba ìròyìn iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, info@ nìkan sì ni wọ́n máa ń kọ̀wé sí.

Páásíwọ́ọ̀dù info@ wà lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta. Wọ́n ti fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù tipẹ́tipẹ́. Àmọ́ nígbà tí akọ̀wé gbé fóònù tuntun, Google ní kó mú kóòdù wá, orí fóònù ẹni tó wà ní Kánádà ni kóòdù sì ń lọ. Wọ́n tẹ "Forgot password?" títí, ohun kan náà ló ń sọ fún wọn: ẹ lọ bá alábòójútó yín.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ọ̀nà. Info@ kì í ṣe ilẹ̀kùn tó yẹ kí ẹ máa kàn. Yàrá kan nínú ilé ni. Ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ ilé ni àkáǹtì tí Google ń pè ní Super Admin, orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn nìkan ni ìyẹn sì wà. Tí ẹ bá ti gba kọ́kọ́rọ́ ilé, ìṣẹ́jú méjì ni ẹ máa fi ṣí yàrá.

Ohun tí mo kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé: ṣé fóònù tàbí kọ̀ǹpútà kankan wà tí info@ ṣì ṣí sílẹ̀ lórí ẹ̀? Ó wà. Láǹtọ́ọ̀pù ọ́fíìsì ni, akọ̀wé owó ló ń lò ó. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ "Sign out" níbẹ̀ o, kí wọ́n má sì pa ohun tó wà nínú búráúsà rẹ́. Lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n fi àwọn íméèlì tó jẹ mọ́ ìrànwọ́ ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì alága fúnra ẹ̀, wọ́n sì kọ̀wé sí àwọn olówó pé kí wọ́n máa fi ẹ̀dà ránṣẹ́ síbẹ̀. Ọkàn wọn balẹ̀ díẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ bá ẹni tó lọ sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kan á ti máa fajú ro. Àmọ́ òun ló yá jù, bó bá gbà. Ẹ má sì ní kó fi páásíwọ́ọ̀dù ẹ̀ ránṣẹ́, torí kóòdù ṣì máa lọ sórí fóònù ẹ̀. Ẹ ní kó wọ admin.google.com, kó lọ sí Directory, kó tẹ Users, kó mú orúkọ ẹnì kan nínú yín, kó sì fi Super Admin fún un lábẹ́ "Admin roles and privileges". Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ó sì lè ṣe é láti Kánádà.

Alága wọn, ìyá àgbà kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, bi mí pé: "Ọmọ mi, ṣé a ò lè lọ gba síìmù ọmọ yẹn padà fúnra wa? Nọ́ḿbà ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi."

Mo ní: "Ẹ má dán an wò, mà. Orúkọ ẹ̀ ni síìmù yẹn wà. Bí ẹ bá gbà á, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé fún ọlọ́pàá."

Bákan náà ni àwọn tó ń polówó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé ẹ san owó, àwọn á bá yín já àkáǹtì gbà. Ẹ sá fún wọn. Owó yín ni wọ́n ń wá.

Wọ́n san owó oṣù tí wọ́n jẹ ẹ́, èyí tó yẹ kí wọ́n ti san tẹ́lẹ̀. Mo sọ ìyẹn fún wọn lójú wọn. Síbẹ̀, kò dá wọn lóhùn. Ó wá ku ọ̀nà tó gùn.

Ọ̀nà tó gùn yìí dá lórí ohun kan: Google máa ń gbà pé ẹni tó lè yí àkọsílẹ̀ dòméènì padà ni olóhun. Nítorí náà, kó tó di Google, ẹ ní láti mọ ibi tí dòméènì yín wà. Ẹ lè fi fóònù yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wọ toolbox.googleapps.com/apps/dig, ẹ kọ orúkọ dòméènì yín, ẹ tẹ MX. Bí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà, èyí náà á ṣe é:

```
nslookup -type=mx oruko-egbe-yin.org.ng
```

Bí èsì bá ní google.com nínú, Google ló ń gba íméèlì yín. Bó bá parí sí mail.protection.outlook.com, ti Microsoft ni, ọ̀nà tiwọn yàtọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ NS lójú ewé kan náà. Orúkọ tó bá jáde ló máa sọ ibi tí wọ́n ti ń tún àkọsílẹ̀ dòméènì yín ṣe. Ní ti .ng, iléeṣẹ́ tó ń jẹ́ NiRA ló ń bójú tó gbogbo orúkọ tó parí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọwọ́ àwọn olùtajà tí NiRA fọwọ́ sí lèèyàn ti ń rà á. Ẹ ṣe ìwádìí whois, ẹ máa rí orúkọ olùtajà yín níbẹ̀.

Àwọn ará Ìbàdàn yìí kò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ń sanwó dòméènì lọ́dọọdún. Akọ̀wé owó ló ṣí ìwé báńkì wọn, ó wá rí i pé wọ́n máa ń yọ owó kan ní oṣù kan náà lọ́dọọdún, orúkọ olùtajà sì wà níbẹ̀. Ẹ̀rí tó dáa nìyẹn: owó ẹgbẹ́ ló ra dòméènì, kì í ṣe owó ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn.

Àmọ́ wàhálà kan wà níbẹ̀. Àkáǹtì wọn lọ́dọ̀ olùtajà, íméèlì tí wọ́n fi ṣí i ni ti ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn lórí dòméènì kan náà. Ìyẹn ni pé, kí wọ́n tó wọ dòméènì, wọ́n nílò íméèlì. Kí wọ́n tó wọ íméèlì, wọ́n nílò dòméènì. Mo ti rí èyí lọ́pọ̀ ìgbà. Ìwé ló máa ń já okùn yẹn. Wọ́n pe olùtajà, olùtajà ní kí wọ́n mú ìwé ẹ̀rí CAC wá, lẹ́tà lórí ìwé ẹgbẹ́ tí àwọn alágbàtọ́ fọwọ́ sí, káàdì ìdánimọ̀ alága, àti ẹ̀rí owó tí wọ́n san. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí wọ́n wọlé, ohun àkọ́kọ́ tí mo ní kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n yí íméèlì àkáǹtì yẹn padà sí àdírẹ́sì tí kò sí lórí dòméènì náà rárá. Èkejì, wọ́n wo ọjọ́ tí dòméènì máa parí. Oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀ ló kù. Wọ́n san án lọ́gán.

Ó wá kan Google. Wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú láti gba páásíwọ́ọ̀dù alábòójútó padà lójú ewé ìwọlé, kò ṣiṣẹ́, torí fóònù ẹ̀ ni gbogbo ọ̀nà ń lọ. Wọ́n wá lọ sí toolbox.googleapps.com/apps/recovery/form. Ẹ máa kọ dòméènì yín síbẹ̀ àti àdírẹ́sì tí wọ́n lè fi kàn sí yín, ẹ má ṣe kọ èyí tó ti tì mọ́ yín lọ́wọ́ o. Google máa wá fún yín ní àkọsílẹ̀ kan láti fi sínú dòméènì yín. Ẹ dà á kọ bó ṣe rí gẹ́lẹ́, lẹ́tà kan kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Ẹ fi kún un ni o, ẹ má pa èyíkéyìí tó wà níbẹ̀ rẹ́. Àwọn kan ti pa MX rẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe èyí, íméèlì tuntun ò sì wọlé mọ́.

Ó lè tó wákàtí díẹ̀ kí àkọsílẹ̀ náà tó hàn káàkiri, nígbà míì ó máa ń ju ọjọ́ kan lọ. Ẹ padà sójú ewé Dig yẹn láti wò ó. Tí ẹ kò bá rí i níbẹ̀, Google náà ò tíì rí i, kò sì wúlò kí ẹ tún fọ́ọ̀mù kọ. Ti àwọn ará Ìbàdàn gba ọjọ́ méjì kí Google tó fi ọ̀nà ìwọlé ránṣẹ́ sí alága.

Mo gbọ́ tí akọ̀wé ń sọ pé, "Ṣé kí a kàn gbé íméèlì lọ síbòmíràn, nígbà tí dòméènì ti wà lọ́wọ́ wa?" Ó ṣeé ṣe, íméèlì tuntun á máa wọ ibi tuntun. Ṣùgbọ́n gbogbo lẹ́tà ọdún mẹ́rin á kù sínú àkáǹtì àtijọ́. Bí ẹ bá sì dáwọ́ owó tí ẹ ń san fún Google dúró ní àkókò yìí, ẹ ń fi àwọn lẹ́tà yẹn wewu.

Nígbà tí wọ́n wọlé, a ṣiṣẹ́ ní wákàtí kan. A fi Super Admin fún alága àti akọ̀wé owó, kí wọ́n jẹ́ méjì. A yí páásíwọ́ọ̀dù info@ padà, a pa kóòdù àtijọ́ rẹ́, a sì ní kí Google lé gbogbo ẹ̀rọ tó ṣì wọlé síbẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí Settings nínú Gmail info@, mo wo "Forwarding and POP/IMAP" àti "Filters". Ọ̀pọ̀ kì í wo ibẹ̀. A rí i pé ẹ̀dà gbogbo íméèlì ṣì ń lọ sí Gmail ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn. Mi ò rò pé ó ní ibi lọ́kàn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó tò ó bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń dá iṣẹ́ ṣe. A gé e.

Àkáǹtì ọ̀dọ́mọkùnrin náà, a dá a dúró ni, a ò pa á rẹ́. Bí ẹ bá pa àkáǹtì rẹ́ ní Google Workspace, ogún ọjọ́ péré ni ẹ ní láti dá a padà, fáìlì tó wà nínú Drive ẹ̀ sì lè jẹ́ ti ẹgbẹ́. Ẹ kọ́kọ́ gbé àwọn fáìlì fún ẹlòmíràn.

Bí ti yín bá jẹ́ Gmail lásán, tó parí sí gmail.com, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ o. Kò sí dòméènì, kò sí alábòójútó, Google ò sì ní wo ìwé CAC yín. g.co/recover nìkan ló wà, ẹ sì lò ó lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tí ẹ ti máa ń fi wọ àkáǹtì náà, níbi tí ẹ ti máa ń lò ó. Bí gbogbo ọ̀nà ibẹ̀ bá jẹ́ ti ẹni tó lọ, òun náà ni ẹ máa bẹ̀.

Ìròyìn iṣẹ́ wọn dé ọwọ́ àwọn olówó nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́fà. Ẹ máa fi ìbéèrè yín ránṣẹ́ sí wa, a ó tún pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.