Aṣọ Ìsìnkú Lásìkò Ẹ̀ẹ̀rùn

Lóṣù Kẹta, oòrùn a máa mú ganrínganrín. Ẹni tó ń lọ síbi ìsìnkú lásìkò yìí, kó kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó kú. Bó bá jẹ́ àgbà tó fọwọ́ rọrí, aṣọ ẹbí aláràbarà kò burú. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ́, òfò ni. Ẹ fi aṣọ dídán sílẹ̀, ẹ wọ dúdú tàbí aláró.

Ṣùgbọ́n aṣọ tó ṣú máa ń fa ooru mọ́ra, nítorí náà ẹ wá ojúlówó òwú. Àdìrẹ aláró tó fẹ́lẹ́, tí wọ́n rán ní bùbá fífẹ̀, ni mo fẹ́ràn jù. Léèsì a máa tanni: ihò rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ aṣọ ọ̀rá tí wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀ ló ń sé òógùn mọ́ra. Láti dá ojúlówó òwú mọ̀, ẹ já fọ́nrán kan létí aṣọ, ẹ fi iná sí i. Òwú a jó di eérú bíi bébà. Ọ̀rá a yọ́, a sì dì bí ìlẹ̀kẹ̀. Bí ẹ bá rí eérú àti kókó líle papọ̀, àdàlù ni. Ẹ má sì fi sítáàṣì púpọ̀ sí aṣọ òwú yín, ó ń dí ojú òwú.